Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Sátidé: bí a ṣe ń wo fótò ká tó sanwó lípísítíìkì àti faúndéṣọ̀n

(Ẹ̀dà kíkọ ọ̀rọ̀ ohùn ádímíìnì, fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.)

Iná ti lọ níbí ní Kánò láti àárọ̀, torí náà bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má dá a lóhùn. Mo ṣèlérí pé màá sọ̀rọ̀ lórí fótò mẹ́rin tí arábìnrin wa ní Jọ́ọ̀sì fi sórí gúrúùpù, èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní orijínà ni, àwọn kan ní féèkì ni, ẹnì kan wá ní, "Tó bá ṣáà ti ń tà, kí ló kàn wá?" Ẹ̀yin tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ yín. Màá dé ibẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Arábìnrin wa fẹ́ ra lípísítíìkì M·A·C dọ́sìnnì mẹ́ta àti faúndéṣọ̀n Studio Fix Fluid dọ́sìnnì méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọjà ránṣẹ́ láti Èkó. Ó ti san ₦150,000 sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó san ìyókù kí mọ́tò tó gbéra lọ́jọ́ Fúráídeè, pé àwọn mìíràn ti ń du ọjà náà. Ẹ mọ̀ pé àwa tí a wà lókè ọya yìí, ojú wa kì í tó ọjà kó tó dé. Fótò ni ojú wa. Bí mọ́tò bá ti gbéra, ó ti parí nìyẹn, ta ló máa dá a padà fún yín?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní kí ló kàn wá lóhùn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kó lípísítíìkì dọ́sìnnì mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo fọkàn tán. Mi ò wo nǹkan kan, àfi iye owó. Ọmọ ilé wa kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló rà á lọ́wọ́ mi. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ètè ọmọ náà ti wú, ó ń bó. Èmi ni mo san owó ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ kò sì dáhùn ìkíni mi fún bí oṣù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Sábọ̀n Gàrí níbí. Kì í ṣe nílẹ̀ wa nìkan o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá Lọs Ánjẹ́lẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà kó ọjà ìṣaralóge ayédèrú tí iye rẹ̀ tó $700,000. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá kòkòrò àrùn àti ìgbẹ́ ẹran nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń fi sí ẹnu nìyẹn o.

Ó yá, fótò. Kí ẹ tó wo ohunkóhun lára ọjà, ẹ wo bí fótò ṣe dé ọwọ́ yín. Wọ́sáàpù máa ń fún fótò pọ̀ kó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́, àwọn lẹ́tà kéékèèké ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Mo ti fi èyí dẹ́ṣẹ̀ rí. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún bàbá wa kan ní Kàdúná pé faúndéṣọ̀n tó fẹ́ rà féèkì ni, torí pé lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ́ pọ̀. Bàbá jáwọ́ nínú ọjà náà. Ìgbà tí ọjà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, a wò ó, lẹ́tà gún régé, ó mọ́ roro. Wọ́sáàpù ló yọ́ ọ pọ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe ọjà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo sì tún tọrọ lọ́wọ́ bàbá.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí wọ́n fi fótò ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fótò lásán. Kí wọ́n tẹ àmì péépà kílípù, kí wọ́n mú Document, kí wọ́n mú fótò náà látinú fáìlì fóònù wọn. Bó ṣe yà á gan-an ló máa fi dé. Kó má tan fíláàṣì. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, torí fíláàṣì máa ń sọ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ wọnú di pẹrẹsẹ, gbogbo rẹ̀ á funfun, ẹ ò ní rí kòtò rẹ̀. Kó sì kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí ìwé, kó fi ọjà lé e lórí. Èyí kò sọ bóyá ọjà dáa, ó kàn ń jẹ́ ká mọ̀ pé ọjà ọwọ́ rẹ̀ ló yà, kì í ṣe fótò tó wà á jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọkùnrin tiwa yìí kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, pé fóònù òun kò dáa, ó tó ọjọ́ kan gbáko kó tó fi í ránṣẹ́.

Fótò kìíní ni ti ọ̀dà lípísítíìkì fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣí i sókè, tí orúkọ M·A·C wà lára ọ̀dà. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ṣe ń débẹ̀, torí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Wọ́n máa ń da ọ̀dà gbígbóná sínú móòdù, ìyẹn ihò tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà tí ọ̀dà yóò fi gbà ìrísí rẹ̀. Nínú móòdù ojúlówó, wọ́n ti gbẹ́ lẹ́tà náà síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi máa ń mú, tí jíjìn rẹ̀ fi máa ń dọ́gba láti M títí dé C. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í gbẹ́ móòdù tuntun. Lípísítíìkì ojúlówó kan ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á fi rọ́bà mú ìrísí rẹ̀, wọ́n á wá máa da tiwọn sínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ tẹ ọṣẹ kó lè gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀dà náà máa jọ ọ́, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ á ti rọ̀.

Torí náà, ẹ ya fótò náà fẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ wo igun. Ẹsẹ̀ M, níbi tó ti yí, ṣé ó ṣe ṣóńṣó ni àbí ó rọ̀bìrìkìtì bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò? Àmì tóótóó tó wà láàárín àwọn lẹ́tà, ṣé ó dá dúró àbí ó ti wọnú lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí móòdù onípín méjì kò bá dé ara wọn dáadáa, ibi tí wọ́n ti pàdé á fi ìlà sílẹ̀.

Ti arábìnrin wa, M rẹ̀ rọ̀, C rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jinlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré dájọ́ síbẹ̀. Lípísítíìkì máa ń yọ́. Ọjà tó ti sùn nínú mọ́tò nínú oòrùn wa yìí, lẹ́tà rẹ̀ lè rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Bó bá jẹ́ ooru ló fà á, ṣóńṣó orí ọ̀dà náà yóò ti tẹ̀ tàbí kó máa làágùn, kó ní àwọn ẹ̀kán kéékèèké lójú. Bí orí rẹ̀ bá ṣì mú dáadáa tí lẹ́tà nìkan wá rọ̀, ẹ̀rí móòdù nìyẹn. Ti ọkùnrin yìí, orí ọ̀dà mú bí i bírò. Mo fi àmì ìbéèrè sí i, mo kọjá.

Fótò kejì ló gba àkókò jù, ìyẹn òǹtẹ̀ bááṣì. Ó wà ní ìdí lípísítíìkì, ó tún wà lára páálí rẹ̀. Estée Lauder ló ni M·A·C, òǹtẹ̀ ọjà wọn sì jẹ́ àmì mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìkejì ń sọ oṣù: 1 dé 9 fún oṣù kìíní dé oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà A fún oṣù kẹwàá, B fún oṣù kọkànlá, C fún oṣù kejìlá. Ìkẹta ni nọ́mbà tó gbẹ̀yìn ọdún. Bí ẹ bá rí A64, ilé iṣẹ́ A ni, oṣù kẹfà, ọdún tó parí pẹ̀lú 4. Ó lè jẹ́ 2024, ó sì lè jẹ́ 2014, torí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nọ́mbà á tún padà. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa, torí àwọn kan máa ń ta ọjà ọdún 2014 fún yín, tó jẹ́ ojúlówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó ti kú.

Ẹ wá wo ohun tó wà ní ìdí lípísítíìkì arábìnrin wa: AE3. Oṣù wo ni E? Kò sí i. Lẹ́yìn C, oṣù ti tán lọ́dún. Ẹni tó ṣe é rí i pé òǹtẹ̀ máa ń ní lẹ́tà àti nọ́mbà, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí 0 ní àárín, kò sí oṣù òdo.

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn kan nínú gúrúùpù ti tẹ òǹtẹ̀ ọjà mìíràn sí checkfresh.com, ó fún wọn ní ọjọ́, wọ́n wá ní, "Ẹ wò ó, ó yege." Ẹ jọ̀ọ́, ojúlé yẹn ń túmọ̀ òǹtẹ̀ sí ọjọ́ ni, kò mọ ọjà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹnikẹ́ni lè da òǹtẹ̀ kan kọ láti ara ojúlówó. Òǹtẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, bí AE3, ó tó láti fi kọ ọjà. Òǹtẹ̀ tó ṣeé ṣe kò tíì tó láti fi gba ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti wò ni bí òǹtẹ̀ ṣe jókòó. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á ti tẹ sítíkà àti páálí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láìsí òǹtẹ̀ lára wọn. Ìgbà tí ọjà bá ń jáde lórí ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ mìíràn á tẹ òǹtẹ̀ bááṣì lé e. Nítorí náà òǹtẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó sójú kan náà: èyí á sún díẹ̀ sókè, èyí á wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún, ìnkì èyí á fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ ìnkì rẹ̀ àti irú lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí ti ìyókù sítíkà. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kò ní àkókò ẹ̀rọ méjì. Ó máa ń tẹ òǹtẹ̀ pọ̀ mọ́ sítíkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ló fi jẹ́ pé òǹtẹ̀ rẹ̀ á dúró sójú kan gan-an lára gbogbo ọjà, pẹ̀lú irú ìnkì kan náà, àní àbàwọ́n kan náà.

Torí náà, ẹ má gba fótò ìdí lípísítíìkì kan. Ẹ ní kó to mẹ́fà tó yàtọ̀ síra lórí tábìlì, kó dojú wọn délẹ̀, kó yà wọ́n pọ̀. Ọkùnrin yìí to mẹ́fà: Ruby Woo, Velvet Teddy, Russian Red, Diva, Mehr, Twig. Gbogbo wọn AE3. Òǹtẹ̀ kan náà lórí àwọ̀ mẹ́fà nìkan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín o, torí òǹtẹ̀ M·A·C ń sọ ilé iṣẹ́ àti oṣù nìkan, wọ́n sì lè ṣe ju àwọ̀ kan lọ lóṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí E. Tóótóó dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, lára gbogbo mẹ́fà, ní ibì kan náà. Ìnkì kì í kán sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ibẹ̀ ni mo ti dá ọwọ́ dúró lórí àmì ìbéèrè, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayédèrú.

Ní ìdí náà ni orúkọ àwọ̀ wà, pẹ̀lú irú ọ̀dà tó jẹ́. Ruby Woo jẹ́ Retro Matte, Twig jẹ́ Satin. Lórí ti ọkùnrin yìí, gbogbo wọn ló kọ Matte, títí kan Twig. Wọ́n kàn ń yí orúkọ àwọ̀ padà lórí sítíkà kan náà ni. Ẹ lè fi orúkọ àwọ̀ wá a lórí ojúlé M·A·C fúnra wọn, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan.

Fótò kẹta jẹ́ ẹ̀yìn páálí faúndéṣọ̀n, níbi tí wọ́n kọ àwọn èròjà sí. Ibẹ̀ ni ojú máa ń rẹ̀ wá, torí lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín, èdè rẹ̀ sì dà bí ọfọ̀. A kò nílò láti mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ayédèrú náà kò mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an la ti ń mú wọn. Wọ́n ya fótò páálí ojúlówó, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà kà á, tàbí kí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà tún un tẹ̀. Ohun tó jọra ni wọ́n máa ń fi rọ́pò ara wọn: 1 àti I, 0 àti O.

Ibi mẹ́ta péré ni mo máa ń wò. Ibi kìíní ni ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Estée Lauder máa ń kọ omi ní èdè mẹ́ta pẹ̀lú ìlà tó dà sẹ́yìn láàárín wọn, báyìí: WATER\AQUA\EAU. Lórí páálí ọkùnrin yìí, ohun tó wà níbẹ̀ ni WATERIAQUAIEAU. Ìlà náà ti di lẹ́tà I! Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi bi mí pé kí ló dé.

Ibi kejì ni ìparí, níbi tí àwọn nọ́mbà àwọ̀ wà lẹ́yìn àmì [+/-. Faúndéṣọ̀n tí a ń tà fún àwọ̀ ara wa, funfun, pupa, yẹ́lò àti dúdú ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ara wọn. Funfun ni TITANIUM DIOXIDE, nọ́mbà rẹ̀ CI 77891. Mẹ́ta yòókù jẹ́ IRON OXIDES: pupa CI 77491, yẹ́lò CI 77492, dúdú CI 77499. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ìwé gbèsè yín, kò ní yí padà, gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń lò ó. Páálí ọkùnrin yìí kọ D10XIDE, pẹ̀lú ení àti òdo, ó sì sọ CI 77491 di CI 77941. Nọ́mbà yẹn kì í ṣe ti àwọ̀ pupa yẹn rárá. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tẹ páálí kan náà ní ọ̀kẹ́ àìmọye, àwọn agbẹjọ́rò wọn ń ka ọ̀rọ̀ yìí kó tó jáde.

Ibi kẹta ni ihò inú lẹ́tà. Ẹ wo inú A, inú R, inú 8. Páálí tí wọ́n tẹ̀ láti inú fótò, ìnkì máa ń kún inú ihò wọ̀nyẹn, àwọn R kan á ṣí, àwọn R kan á dí, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni Wọ́sáàpù ti tàn mí lọ́jọ́ kìíní, torí náà èyí nìkan kò tó fún mi láé. Mo máa ń fi wé orúkọ ńlá tó wà lórí páálí kan náà: bí orúkọ ńlá náà bá rí wúruwùru létí, fótò ló bà jẹ́, ẹ béèrè òmíràn. Bí orúkọ ńlá bá mú, tí lẹ́tà kékeré nìkan dí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló jẹ̀bi.

Ìwọ̀n náà ń bẹ lórí rẹ̀ ṣá. Faúndéṣọ̀n yẹn 30 ml ni, ìyẹn sì jẹ́ 1 fl. oz. ti Amẹ́ríkà. Ẹ bá rí 30 ml pẹ̀lú 1.7 fl. oz. lórí páálí kan, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò ṣírò. Ti ọkùnrin yìí péye níbẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tó dáa náà yẹ ká sọ ọ́.

Fótò kẹrin, orí àpò nìkan ló yà, kò wúlò.

Àwọn kan béèrè nípa nọ́mbà NAFDAC. Ohun tó yẹ kó wà lórí ọjà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún títà nílẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ojúlówó tí ẹnì kan kó sínú àpótí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní ní in, bẹ́ẹ̀ ayédèrú lè tẹ nọ́mbà èyíkéyìí sórí páálí. Ẹ má fi òun nìkan dájọ́ orijínà, ẹ sì má rò pé àìní rẹ̀ ò lè kó bá yín bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá wọ ọjà.

Ó di ọjọ́bọ̀, mo gba arábìnrin wa nímọ̀ràn kó má bá ọkùnrin náà jà, kó má pè é ní olè. Kó kàn fi fótò mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ padà, kó fi ìka pupa yí tóótóó orí E, kó sì fi WATERIAQUAIEAU tẹ̀lé e, kó béèrè owó rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ ti yí páálí padà. A ní ó dáa, kó fi páálí tuntun mìíràn tí òǹtẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ hàn wá. Kò dáhùn fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ₦100,000 wọlé. Ó ní owó mọ́tò àti owó alábàárù ló mú ₦50,000 yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ọjà ò kúrò ní Èkó. A ṣì ń bá a fà á. Arábìnrin wa ní kí n má dárúkọ rẹ̀ títí owó yóò fi pé, ẹ má ṣe bi mí ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹni tó bá ní fótò tó fẹ́ kí n bá òun wò, Document ni o, mẹ́fà lórí tábìlì, ìdí sókè. Kí ó dé ọwọ́ mi kó tó di Ọjọ́rú, torí Ọjọ́bọ̀ ni mò ń wọ ọkọ̀ lọ Ìbàdàn.